Kọ̀rólà tí wọ́n pè ní 4.8 ní Ìjàpọ̀, báwo ni kí n ṣe ná an?

Tíṣà_Alágbàkà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Mo fẹ́ ra Kọ̀rólà kan lọ́wọ́ bọ̀dá kan ní Ìjàpọ̀, òun ló ń wà á fúnra ẹ̀, kì í ṣe dílà. Ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ti wà ní Kánádà, òun náà ti ń palẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ sára ìpolówó ẹ̀ pé 2006 ni, ó ń pe 4.8 mílíọ̀nù. Owó kọpuréétì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ àti èyí tí mo ti ń tọ́jú, gbogbo ẹ̀ pọ̀ jẹ́ 4.3, mi ò sì fẹ́ ná an tán torí owó ìwé ṣì ń bẹ níwájú.

Mo ti lọ wo ọkọ̀ náà. Ẹ́síì ò tutù, atẹ́gùn gbígbóná ló ń fẹ́. Táyà iwájú méjèèjì ti fẹ́ẹ̀ pá. Tí wọ́n bá sì fa jíà láti P sí R, ó máa dún gbì! gbogbo ọkọ̀ á mì tìtì. Ọkọ àǹtí mi ní jíà bọ́ọ̀sì ti kú nìyẹn, pé kí n sọ fún un kó yọ 500,000 kúrò kíá. Wàhálà mi ni pé bọ̀dá yẹn dàgbà jù mí lọ dáadáa, ó sì ṣe mí bí ọmọ, ó tiẹ̀ fún mi ní mínírà mu. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo wá bú ọkọ̀ ẹ̀ sí i lójú. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Kòkó_Bọ̀ị

Àǹtí Tíṣà ẹ má fòyà rárá. Iye yòówù kí wọ́n pè, ìdajì lẹ máa kọ́kọ́ dá lé e. Ó ní 4.8, ẹ ní 2.4, ibẹ̀ lẹ máa ti jọ máa gòkè bọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ gba owó gidi ní báńkì, ẹ dì í sínú báàgì, tí ìná bá ti wọra ẹ kàn ṣí báàgì yẹn kó fojú kàn án. Ẹni tó bá rí owó nílẹ̀ ara ẹ̀ ò ní gbà á mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ra Kámírì báyìí ní Oǹdó, ẹni tó tà á fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ jù ú.

Alájé_Ọ̀bà-Ilé

Kòkó Bọ̀ị, ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá tíṣà lọ́nà ni? Mílíọ̀nù mẹ́rin nínú báàgì láti báńkì dé Ìjàpọ̀, obìnrin nìkan, háà.

Ọkọ̀ ni mò ń tà, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń wà lọ́kàn àwa tí à ń tà. Ìdajì tó o ní kó pè yẹn, tòmátì ni wọ́n ń ná bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Ọba. Tí ẹnì kan bá pe ìdajì ọkọ̀ mi, mo ti mọ̀ pé kò rìn kiri, kò mọ iye tí wọ́n ń tà á níbòmíràn, mi ò tiẹ̀ ní jà, màá kàn sọ fún un pé kó rọra máa lọ. Ìgbà tó bá tún wá pe iye gidi lọ́jọ́ kejì, eré lójú mi.

Ti báàgì owó, òun gan-an ló burú jù. Tí bọ̀dá yẹn bá rí 4.3 lọ́wọ́ tíṣà kí wọ́n tó fẹnu kò, iye ọkọ̀ ti di 4.3 nìyẹn, kò sí àléébù tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Àbúrò mi, má sọ iye tó wà lọ́wọ́ ẹ fún ẹnikẹ́ni. O lè ní owó ẹ wà nílẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí dúró dè mí títí oṣù máa parí. Ìyẹn tó. Má dárúkọ iye kankan mọ́ ọn.

Ẹ́ńjìnìà_Oǹdó_Ròòdù

Mo kí gbogbo ilé o. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì lọ bá wọn pé jíà ti kú. Ohun tí ẹ sọ yẹn, nǹkan méjì ló lè fà á, owó ọ̀kan sì jìnnà sí èkejì bí Àkúrẹ́ ṣe jìnnà sí Sókótó.

Àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìnì síìtì, àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé. Tí ó bá ti já, tí wọ́n bá ki jíà bọ R, ẹ́ńjìnì á fò sókè á sì lu ara ọkọ̀, ìyẹn ló ń dún gbì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró síwájú o, kó wá máa fa á láti P sí R, láti R sí D. Tí ẹ́ńjìnì bá ń dìde bí ẹni fẹ́ jáde, síìtì ni. Ìkejì ni jíà gan-an. Ti jíà kì í dún lójú ẹsẹ̀, ẹ máa fà á sí R, kò ní ṣe nǹkan kan, ẹ lè ka ení èjì, kó tó wá gbá ọkọ̀ mú lójijì. Ẹ fa sítíìkì ọ́ìlì jíà jáde, ọ́ìlì jíà tó dáa máa ń pupa, tó bá ti dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, ẹ yáa wá nǹkan mìíràn rà. Lẹ́yìn náà ẹ wà á lọ sọ́nà Ìdànrè níbi tó ti ń gun òkè, tí ẹ bá ń tẹná tí ẹ́ńjìnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ò tẹ̀lé e, jíà ń yọ̀ nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ gùn báyìí ni pé tí ẹ bá lọ sọ pé jíà ti kú, bọ̀dá á pe mẹ́káníìkì tiẹ̀, ìyẹn á ní síìtì lásán ni, 25,000 síìtì kan. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo àléébù tí ẹ bá dárúkọ, kódà èyí tó jẹ́ òótọ́, wọn ò ní gbà á gbọ́ mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Òkè-Àró

Ẹ ṣeun gan-an fún ìmọ̀ràn yìí, ó bọ́ sí àsìkò. Máíkírà tèmi náà ẹ́síì ẹ̀ ò tutù, mo fẹ́ tà á, gbogbo ẹni tó bá wá wò ó á máa ka àléébù sí mi létí bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ṣé kí n tún ẹ́síì yẹn ṣe kí n tó tà á ni àbí kí n fi sílẹ̀? Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀.

Alájé_Ọ̀bà-Ilé

Ìyá Ìbejì, ẹni tó fẹ́ rà ló ń béèrè níbí o 😂 Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Tó bá jẹ́ gáàsì ló tán, ẹ fi sí i, owó kékeré ni, ẹni tó bá wá á gbádùn atẹ́gùn tútù kò sì ní rántí ẹ́síì mọ́. Tó bá jẹ́ kọ́mpírẹ́sọ̀, ẹ fi sílẹ̀, owó tí ẹ ná sí i kò ní padà sọ́wọ́ yín tán.

Ìyá_Ìbejì_Òkè-Àró

Ẹ ṣé sà. Ta ló wá lè yẹ̀ ẹ́ wò fún mi nítòsí ibí láìgba owó púpọ̀?

Ẹ́ńjìnìà_Oǹdó_Ròòdù

Nǹkan kan ṣì kù tí mo fẹ́ fi kún un kí àǹtí tó padà lọ. Ẹ wo nọ́ńbà ṣásí, ó wà lára dáṣìbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní apá ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ kà á láti òsì, èyí tó bá ṣe ìkẹwàá ni ọdún ọkọ̀, fún àwọn Kọ̀rólà tó ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wá. Tó bá jẹ́ 4, ọkọ̀ 2004 ni, 5 jẹ́ 2005, 6 jẹ́ 2006. Láti 2003 títí dé 2008 bọ́dì kan náà ni, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pe 2004 ní 2006, òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹni tó tà á fún un ló purọ́ fún un, òun náà ò mọ̀.

Ọdún yẹn ṣe pàtàkì sí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú. Àwọn ẹ́ńjìnì 1ZZ ìgbà àkọ́kọ́, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì wọn kéré, ó máa ń dí, ọkọ̀ á wá máa mu ọ́ìlì. Ẹ sọ fún bọ̀dá pé ẹ ń bọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n má tanná sí i kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá dé, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án. Ẹ kọ́kọ́ fa sítíìkì ọ́ìlì wò. Ẹ wá tan án, kó máa dún jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹnì kan wá tẹná mọ́ ọn lójijì kí ẹ̀yin wo ẹnu sàlẹ́ńsà. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó bá tú jáde fùú, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárọ̀ kùtù, omi ni, ẹ mójú kúrò níbẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú. Mo wo orí Jiji báyìí, Kọ̀rólà 2004 wà ní Èkó 3.5, 3.6. Kí tíṣà kàn ṣe síkírínṣọ́ọ̀tì ẹ̀ fi han bọ̀dá. Ọ̀rọ̀ parí.

Alájé_Ọ̀bà-Ilé

Kò parí o. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni iye tí wọ́n ń pè, kì í ṣe iye tí wọ́n gbà. Ti Èkó tún yàtọ̀, ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀, òmíràn ti ṣe takisí rí kí wọ́n tó kùn ún. Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ lọ rà á á wọkọ̀ lọ, á gbé mẹ́káníìkì dání, á ra epo bọ̀, tó bá dé tí nǹkan kan ṣe é kò sí ẹni tó máa bá wí. Bọ̀dá náà mọ gbogbo èyí. Tí o bá fi ti Èkó hàn án, á ní kó o lọ Èkó.

Ohun tó máa ń mú ẹni tó ń tà ni ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn. Àbúrò mi, pe àwọn tó gbé Kọ̀rólà síta ní Àkúrẹ́ níbí, ní Oǹdó, ní Ọ̀wọ̀, ọdún kan náà, jíà ọ́tò, kì í ṣe mánúwà. Má béèrè iye tí wọ́n ń pè nìkan. Pe àwọn tí ìpolówó wọn ti pẹ́ díẹ̀, bi wọ́n pé ṣé ọkọ̀ ṣì wà, tí wọ́n bá ní ó ti lọ, fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé èló ló lọ. Àwọn kan á purọ́, àwọn kan á sọ. Ẹni méjì tó bá sọ òótọ́ wúlò ju ogún síkírínṣọ́ọ̀tì lọ.

Tíṣà_Alágbàkà

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Mo ti padà lọ pẹ̀lú mẹ́káníìkì kan tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, mo sì ti pe káàkiri. Ẹ wá gbọ́.

Nọ́ńbà ṣásí, ìkẹwàá jẹ́ 4! 2004 ni. Ọkàn mi dáa sí bọ̀dá torí nígbà tí mo fi hàn wọ́n ó yà wọ́n lẹ́nu gan-an, wọ́n ní 2006 ni wọ́n sọ fún àwọn nígbà tí àwọn rà á. Gbì tó ń dún yẹn síìtì ni lóòótọ́, méjì ló ti já, ẹ́ńjìnì ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. A gbé e lọ ọ̀nà Ìdànrè, jíà dáa, ọ́ìlì jíà pupa. Èéfín búlúù, a ò rí i, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnì wà nísàlẹ̀ díẹ̀ lára sítíìkì. Kọ́mpírẹ́sọ̀ ẹ́síì ti kú, mẹ́káníìkì ní tókúnbọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú gáàsì àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ 130,000. Síìtì méjèèjì pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ 60,000. Táyà tuntun méjì 110,000.

Nǹkan kan wá rú wa lójú. Iná ẹ́ńjìnì máa ń yọ tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ó sì máa ń kú tí ọkọ̀ bá ti tan, ìyẹn dáa. Mẹ́káníìkì ki síkáánà bọ abẹ́ sítíárì, kò sí kóòdù kankan, ṣùgbọ́n ó tún ṣí ojú ewé mìíràn, níbẹ̀ ó kọ Not Ready sí ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti pa nǹkan kan rẹ́. Bọ̀dá ní àwọn ò pa nǹkan kan rẹ́ o, bátìrì tuntun ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Àwọn tí mo pè: mẹ́ta ṣì ń tà, 4.3, 4.4 àti 4.5 ni wọ́n ń pè. Ọ̀kan ní Oǹdó ní òun ti ta tòun 4.15, ọ̀kan ní Ọ̀wọ̀ ní 4.2.

Ẹ́ńjìnìà_Oǹdó_Ròòdù

Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́, àǹtí. Tí wọ́n bá fi síkáánà pa kóòdù rẹ́, gbogbo ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, á kọ Not Ready. Tí wọ́n bá yọ bátìrì, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀. Síkáánà ò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo tó máa là á ni kí wọ́n máa wà á kiri fún ọjọ́ mélòó kan, ìgboro àti ẹ̀sípírésì, kí ẹ tún wá ki síkáánà bọ̀ ọ́. Ìdánwò kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, ló máa ń pẹ́ jù kó tó parí. Tí kóòdù kan bá ti wà tẹ́lẹ̀ á padà yọjú, lára ọkọ̀ tó bá ń mu ọ́ìlì P0420 ló sábà máa ń jẹ́, torí ọ́ìlì tó ń jó yẹn máa ń ba kátálíìsì jẹ́. Ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ yẹn náà ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yí i kẹ́yìn.

Kòkó_Bọ̀ị

Èmi ò gbà o. Ẹni tó ń lọ Kánádà yí bátìrì tuntun sí ọkọ̀ tó fẹ́ tà? Ẹ̀tàn ni. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́, kí wọ́n yọ 600,000.

Ẹ́ńjìnìà_Oǹdó_Ròòdù

Bátìrì tó bá kú, kí ni kí wọ́n fi máa tan án fún àwọn tó ń wá wò ó?

Alájé_Ọ̀bà-Ilé

Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i báyìí. Àbúrò mi, gbàgbé 4.8. Iye yẹn jẹ́ ti 2006, ọkọ̀ yìí kì í ṣe 2006, nọ́ńbà ṣásí ti sọ ọ́, o ò ní láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. 2004 tó ń rìn dáadáa lọ ní 4.15 àti 4.2 lágbègbè wa. Ká mú 4.15. Ibẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó, kì í ṣe láti 4.8.

Yọ ẹ́síì 130,000 àti síìtì 60,000. Ó ku 3.96. Wàhálà wà lórí ti táyà. Ọkọ̀ ogún ọdún, kò sẹ́ni tó ń retí táyà tuntun lábẹ́ ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó lọ 4.15 yẹn náà má ní táyà tó dáa. Tí o bá ka 110,000 gbogbo ẹ̀ sí wọn lọ́rùn, wọ́n lè ní àṣejù ni. Dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ bí ohun tí o máa fi jìn wọ́n nígbà tí ó bá kù díẹ̀. Bákan náà ẹ má ka ibi tí ara ọkọ̀ ti họ tàbí àga inú ọkọ̀ tó ti ya. Ẹni tó bá ka àléébù méjìlá, olówó ọkọ̀ á gbọ́ méjìlá náà bí ìkùnsínú. Dúró lórí mẹ́ta tó ní owó lára.

Bẹ̀rẹ̀ ní 3.75. Ọkàn ẹ máa wà ní 3.95. Má kọjá 4.05, àyàfi tí síkáánà bá mọ́ tónítóní lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Bí o ṣe máa sọ ọ́ fún àgbàlagbà: jẹ́ kí mẹ́káníìkì kọ iye àtúnṣe sórí ìwé pẹlú nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Má sọ pé "ọkọ̀ yín ti bàjẹ́." Sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ wò ó, ohun tí mo máa ná tí mo bá gbé e délé nìyí, iye tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ní Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ nìyí, ẹ bá mi wò ó." Kó o wá dákẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò lè dákẹ́, wọ́n á pe 3.75, kí ẹni kejì tó sọ̀rọ̀ wọ́n ti ní "ṣùgbọ́n mo lè gbìyànjú 3.9". Ta ló bi wọ́n?

Ọmọ_Ọ̀wọ̀

Owó tó wà nílẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo ló máa dárúkọ ìyẹn? Èmi rò pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló yẹ, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Alájé_Ọ̀bà-Ilé

Ìparí ni mo fara mọ́. Tó bá ku 100,000, 150,000 láàárín yín tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mira, ìgbà yẹn ni kó sọ pé tí a bá fi í sí 3.95, kí ẹ mú ìwé, ká pàdé ní báńkì lónìí, àlẹ́ẹ̀tì máa wọlé kí n tó dìde. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí àwọn mìíràn ń sọ fún un pé àwọn ń retí owó àjọ, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo létí ẹ̀. Tó bá ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ tí ọ̀rọ̀ bá há.

Orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ ni kó wà lórí àkáǹtì tí o máa sanwó sí. Tó bá jẹ́ orúkọ ìyàwó ló wà lórí láísẹ́ǹsì, kí ìyàwó kọ ìwé fọwọ́ sí i láti Kánádà kí o tó san kọ́bọ̀. Béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú, kó o sì wò ó bóyá nọ́ńbà ṣásí tó wà lórí ẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu. Ìwé tí kò bá pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi í ná owó sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ bá tiwọn lọ ni.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀

Síbẹ̀ mo mọ ẹni tó sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ tó sì jàǹfààní ẹ̀. Lọ́wọ́ dílà o, kì í ṣe ẹni tó ń lọ òkè òkun.

Tíṣà_Alágbàkà

Mo ti dé. Ẹ wo bó ṣe lọ.

Mo mú ìwé mẹ́káníìkì lọ, mo bẹ̀rẹ̀ bí Alájé ṣe ní kí n ṣe. Mo pe 3.75, mo sì dákẹ́, ẹnu ń yún mi! Bọ̀dá ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pe nọ́ńbà mẹ́káníìkì yẹn lójú mi, wọ́n bi í ní iye síìtì, ó sọ ohun kan náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọdún yẹn dun àwọn ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ mi, wọ́n bọ́ sí 4.3. Mo ní àwọn tó ń rìn dáadáa tí ẹ́síì wọn ń tutù ò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ń mú 4.2 bọ̀ láti Ìsìkàn. Mo kí wọn kú oríire, mo ní tó bá jẹ́ òótọ́ kí wọ́n tètè gbà á, mo dìde. Wọ́n ní kí n jókòó. A dé 4.1. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbàgbé táyà, kí wọ́n gbà 3.95, ká lọ báńkì lónìí. Wọ́n ní àwọn máa ronú.

Alẹ́ ni wọ́n pè. Wọ́n ní àwọn gbà 3.95, orúkọ wọn ló wà lórí gbogbo ìwé, ọ̀rọ̀ tán. Àfi bátìrì. Wọ́n ní àbúrò wọn ló ni bátìrì tuntun yẹn, wọ́n máa yọ ọ́ padà, wọ́n máa fi ti tẹ́lẹ̀ sí i. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn náà ò tan ọkọ̀ o, ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ nìyẹn. Mo bi wọ́n pé èló ni tuntun, wọ́n ní 85,000.

Kòkó_Bọ̀ị

Àbúrò wo ló ń ya ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní bátìrì 😂😂

Alájé_Ọ̀bà-Ilé

Ìyẹn ni pé 4.035 ni wọ́n ń tà á fún ẹ, wọn ò kàn fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà lábẹ́ 4.05 tá a sọ, nítorí náà kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé kí bátìrì dúró kí ó jẹ́ 4 géérégé, ìwọ lo jèrè 35,000, àwọn náà á rí nǹkan fún àbúrò wọn. Má jẹ́ kó di ìjà, bátìrì máa ń ba òwò jẹ́ ju jíà lọ.

Ẹ́ńjìnìà_Oǹdó_Ròòdù

Mo fara mọ́ 4 géérégé yẹn, kì í ṣe nítorí 35,000. Tí wọ́n bá yọ bátìrì yẹn lónìí, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti ń kó jọ láti ìgbà tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò ló máa pa rẹ́, Not Ready tún ni ẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá P0420 wà ńbẹ̀ títí ẹ máa fi sanwó. Ṣé wọ́n ti ń wà á láti ọjọ́ yẹn?

Tíṣà_Alágbàkà

Ojoojúmọ́, ó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ ní Oyèmẹ̀kún, wọ́n sì lọ Iléṣà lópin ọ̀sẹ̀. Áà. Ẹ jẹ́ kí n pe mẹ́káníìkì yẹn kí bọ̀dá tó fọwọ́ kan sípánà.

Ìyá_Ìbejì_Òkè-Àró

Tíṣà, tó bá di pé ẹ ò ra tibẹ̀ mọ́, Máíkírà mi ṣì wà o. Bátìrì ẹ̀ tèmi ni.